Ṣé 7 ni àbí 1? Bí a ṣe ń da ìṣirò inú fọ́tò kọ láìṣì í kà

Ìṣirò tí a ṣì dà kọ kì í tètè fara hàn. Ọmọ á pín in, á sì pín in dáadáa, gbogbo ọ̀nà tó gbà á tọ́, síbẹ̀ ìdáhùn rẹ̀ kò ní bá ti tíṣà mu. Bí ẹ bá tún iṣẹ́ náà yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ ò ní rí àléébù kankan níbẹ̀, nítorí àṣìṣe náà kò sí nínú iṣẹ́. Ibi tí ẹ ti da ìbéèrè kọ ló wà, kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò ohunkóhun.

Ní Ìkòròdú, láti Ìgbógbó títí dé Ìjẹ̀dé, ọ̀nà tí ìbéèrè ń gbà kí ó tó dé ọwọ́ tíṣà lẹ́sìnnì ti di kan náà báyìí. Tíṣà kọ ọ́ sójú bọ́ọ̀dù, ọmọ dà á kọ sínú ìwé, ìyá ya ìwé náà ní fọ́tò, ó sì fi í ránṣẹ́ lórí Wọ́sáàpù. Ẹni tó gbà á á wá dà á kọ sórí ìwé mìíràn kí ó tó ṣe é. Ní ìpele kọ̀ọ̀kan, ìlà kékeré tó wà lókè 7 lè sọnù. Tí ó bá ti sọnù, 1 ló kù.

Àpẹẹrẹ kan ni a ó máa tẹ̀ lé. Fọ́tò ìwé ọmọ kíláàsì karùn-ún ni. Lókè ojú ìwé, ó kọ ọjọ́: Monday 17/11/2025. Ìbéèrè mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, a sì kọ nọ́ńbà sí wọn láti 1 dé 8. Ìbéèrè 4 ní kí a pín ₦3,?24 dọ́gbadọ́gba fún àwọn ọmọ 7. Àmì ìbéèrè yẹn ni a fi dípò ẹyọ nọ́ńbà kan tó dà bí 1 nínú fọ́tò, tó sì tún jọ 7 bí a bá sún un mọ́ ojú.

Kí ẹ tó wo nọ́ńbà, ẹ wo fọ́tò fúnra rẹ̀

Ẹ má ṣe da ìṣirò kọ láti inú àwòrán kékeré tó ń hàn láàárín ọ̀rọ̀ lórí Wọ́sáàpù. Ẹ tẹ̀ ẹ́ kí ó ṣí, kí ẹ sì fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́ títí ẹyọ nọ́ńbà kan á fi tóbi tó èékánná ọwọ́. Bí ó bá di bátabàta nígbà tí ẹ fẹ̀ ẹ́, fọ́tò náà ti sọ púpọ̀ nù kí ó tó dé ọ̀dọ̀ yín, nítorí Wọ́sáàpù máa ń dín fọ́tò kù kí ó lè yá láti fi ránṣẹ́. Ẹ ní kí ẹni tó fi ránṣẹ́ tún un fi ránṣẹ́, kí ó tẹ HD kí ó tó fi í sílẹ̀, tàbí kó gba ibi tí wọ́n kọ Document sí. Èyí tó bá gba Document wá máa ń dé bí ó ṣe wà nínú fóònù tó yà á.

Nígbà mìíràn, ọ̀nà tí wọ́n gbà yà á ló bà á jẹ́. Ohun mẹ́ta ló sábà máa ń jẹ orí 7, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì ní àmì tí a fi ń dá a mọ̀.

Èkíní ni ọwọ́ tó gbọ̀n. Bí ọwọ́ bá gbọ̀n lókè sódò nígbà tí èèyàn ń tẹ fóònù, ìlà tó dùbúlẹ̀ ni yóò fọ́nká, èyí tó dúró kò ní ní nǹkan kan. Orí 7 dùbúlẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró, nítorí náà orí nìkan ni yóò pòórá. Ẹ wo ìlà ìwé àti ìlà etí ìwé. Bí ìlà ìwé tó dùbúlẹ̀ bá di méjì tàbí tí ó ṣú, tí ìlà etí ìwé tó dúró sì mọ́ kedere, ẹ mọ̀ pé gbogbo orí 7 tó wà lójú ìwé yẹn kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Fọ́tò tó bá rí báyìí, ẹ má bá a jà. Ẹ ní kí wọ́n tún un yà.

Èkejì ni ẹ̀gbẹ́. Tí wọ́n bá dúró sí ẹ̀gbẹ́ ìwé ya fọ́tò, gbogbo nǹkan tó wà níbẹ̀ á fún, orí 7 á sì kúrú, nígbà tí gíga ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yí padà. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí nọ́ńbà tó bá wà nítòsí àárín ìwé, níbi tí ojú ìwé ti ń tẹ̀ wọlé sídìí okùn. Àmì rẹ̀ ni pé 0 tó yẹ kó rí roboto á gùn, á sì tínrín bí ẹyin tí a gbé dúró. Bí ẹ bá rí irú 0 bẹ́ẹ̀ nítòsí nọ́ńbà tó ń dà yín láàmú, ẹ fi sọ́kàn pé orí tí ẹ rí gbọ́dọ̀ gùn ju bí ó ṣe hàn lọ.

Ẹ̀kẹta ni ohun tí àwọn èèyàn ń ṣe kí fọ́tò lè mọ́. Àwọn áàpù kan wà tí wọ́n fi ń sọ fọ́tò ìwé di dúdú àti funfun péré. Ohun tí áàpù náà ń ṣe ni pé ó ń pín gbogbo ojú fọ́tò sí méjì: èyí tó bá ṣú tó ìwọ̀n kan á di dúdú, èyí tí kò tó o á di funfun. Ọmọ tó ń fi pẹ́ńsù kọ̀wé kì í tẹ orí 7 mọ́lẹ̀ tó bó ṣe ń tẹ ẹsẹ̀, orí náà á sì bá funfun lọ. Fọ́tò yẹn á mọ́ tónítóní, á sì jẹ́ irọ́. Mo gbà pé ó burú ju fọ́tò tó ṣókùnkùn lọ, nítorí èyí tó ṣókùnkùn á jẹ́ kí ẹ máa ṣiyèméjì. Ẹ̀dà fọ́tòkọ́pì tí wọ́n ṣe láti ara fọ́tòkọ́pì mìíràn náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Fọ́tò aláwọ̀ ni kí ẹ bèèrè.

Bí ẹ bá ní ìwé náà lọ́wọ́, ẹ gbé e sórí tábìlì nítòsí fèrèsé, kí ìmọ́lẹ̀ wá láti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ tẹ ojú ìwé náà títí yóò fi tẹ́jú, kí ẹ gbé fóònù sókè gan-an ní àárín rẹ̀, kí ẹ sì ya ìbéèrè méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan dípò odindi ojú ìwé. Iná fóònù kò dára fún pẹ́ńsù, torí pé pẹ́ńsù máa ń dán, ìdán yẹn á sì sọ ìlà di funfun. Bí kò bá sí iná mànàmáná lálẹ́, kí ẹnì kejì di tọ́ọ̀ṣì mú láti ẹ̀gbẹ́, kó jìnnà díẹ̀ sí ìwé.

Orí, imú, ẹsẹ̀, ìjókòó

Ara 7 ní ohun méjì: orí tó tẹ́jú lókè, àti ẹsẹ̀ tó gùn wá sísàlẹ̀. Ara 1 lè jẹ́ ẹsẹ̀ nìkan. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi imú kékeré sí i lókè, àwọn kan á tún fi ìjókòó sí i nísàlẹ̀. Ibi tí wàhálà wà ni pé imú 1 àti orí 7 wà ní ibì kan náà, lápá òsì lókè. Gígùn rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń dá a mọ̀, gígùn kọ́ sì ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wò, nítorí ẹlòmíràn ní imú 1 tó gùn ju orí 7 ẹlòmíràn lọ.

Ibi tó ga jù ni kí ẹ wò. Nínú 1, ibi tí imú àti ẹsẹ̀ ti pàdé ló ga jù, imú sì ń sọ̀ kalẹ̀ sí apá òsì láti ibẹ̀. Nínú 7, ìbẹ̀rẹ̀ orí lápá òsì ga tó ibi tí orí ti yí padà di ẹsẹ̀, nígbà mìíràn ó tiẹ̀ ga jù ú lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ 7 máa ń dà sí apá òsì bó ti ń bọ̀ nísàlẹ̀, débi pé òpin rẹ̀ á wà lábẹ́ àárín orí tàbí kó tiẹ̀ kọjá síwájú sí òsì. Ẹsẹ̀ 1 máa ń dúró. Àmọ́ tí ọwọ́ ẹni náà bá jẹ́ èyí tó ń dà lápapọ̀, ẹsẹ̀ 1 rẹ̀ náà á dà. Ẹ fi ẹsẹ̀ 4 rẹ̀ ṣe òṣùwọ̀n: bí ẹsẹ̀ nọ́ńbà tí ẹ ń wò bá dà ju ẹsẹ̀ 4 lọ, 7 ló ń sún mọ́.

Ìjókòó nísàlẹ̀ fi hàn pé 1 ni. Ìlà kékeré tó gba àárín ẹsẹ̀ kọjá fi hàn pé 7 ni, àmọ́ ẹ ṣọ́ra. Bí ọmọ bá kọ nọ́ńbà tó ga ju ìlà ìwé kan lọ, ìlà ìwé náà á gba àárín 1 kọjá, fọ́tò á sì jẹ́ kó dà bíi pé ọmọ ló fà á. Ẹ tẹ̀ lé ìlà náà sí ọ̀tún àti sí òsì. Bí ó bá ń bá a lọ títí dé etí ìwé, ti ìwé ni, kì í ṣe ti ọmọ. Ìdàkejì rẹ̀ ló tún wọ́pọ̀ jù: ọmọ tó ń kọ nọ́ńbà kún àyè àárín ìlà méjì máa ń fa orí 7 sórí ìlà ìwé gan-an. Bí báírò rẹ̀ bá jẹ́ aláwọ̀ búlúù, tí ìlà ìwé náà jẹ́ búlúù, orí á bọ́ sábẹ́ ìlà. Ẹ wo bóyá ìlà ìwé nípọn tàbí ó ṣú díẹ̀ ní ibi kan ṣoṣo yẹn. Ibi tó nípọn yẹn ni orí 7.

Ẹ fi 1 àti 7 tó dájú ṣe atọ́nà

Àmì tí mo kà sókè yìí ń ṣiṣẹ́ nínú ọ̀pọ̀ ọwọ́, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ń ṣiṣẹ́ nínú gbogbo ọwọ́. Nítorí náà, ẹ má ṣe dá ẹyọ nọ́ńbà kan lẹ́jọ́ lóun nìkan. Ẹ wá 1 àti 7 mìíràn tí ọwọ́ kan náà kọ, lójú ìwé kan náà, tí kò sí iyèméjì nípa wọn rárá, kí ẹ sì fi èyí tó rú yín lójú wé wọn. Ọ̀pọ̀ èèyàn tí mo rí tó ń da ìṣirò kọ ló máa ń fo ìgbésẹ̀ yìí, òun gan-an ló sì ń yanjú ọ̀rọ̀ náà lọ́pọ̀ ìgbà.

Níbo ni ẹ ti máa rí 1 àti 7 tó dájú? Nọ́ńbà àwọn ìbéèrè ni ẹ ó kọ́kọ́ lọ sí. Èyí tó wà láàárín 6 àti 8 kò lè jẹ́ ohun mìíràn ju 7 lọ, èyí tó ṣáájú 2 sì ni 1. Nínú àpẹẹrẹ wa, ìbéèrè dé 8, nítorí náà a ní méjèèjì.

Ọjọ́ tó wà lókè ìwé ni ibi kejì, ó sì dára púpọ̀ tí ọmọ bá kọ orúkọ ọjọ́ mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ ká ní ọjọ́ yẹn fúnra rẹ̀ rúni lójú: ṣé 17/11/2025 ni àbí 11/11/2025? Ọmọ kọ Monday. Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kọkànlá ọdún 2025 jẹ́ Ọjọ́ Ajé. Ọjọ́ kọkànlá jẹ́ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọjọ́ mẹ́fà ló wà láàárín 11 àti 17, ọ̀sẹ̀ sì jẹ́ ọjọ́ méje, nítorí náà orúkọ ọjọ́ wọn kò lè bá ara wọn mu láé, nínú oṣù èyíkéyìí. Kàlẹ́ńdà fóònù ti tó láti parí ìyẹn. Báyìí, láti ara ọjọ́ nìkan, a ti ní 1 mẹ́ta tó dájú àti 7 kan.

Ibi kẹta ni ìtumọ̀ ìbéèrè. Ìbéèrè 4 ní kí a pín owó dọ́gbadọ́gba fún àwọn ọmọ, ẹnikẹ́ni kì í sì í pín owó dọ́gbadọ́gba fún ọmọ kan. Nítorí náà, kódà bí nọ́ńbà ìparí yẹn bá jọ 1, 7 ni. Ó wá di 7 tó dájú mìíràn, lórí ìlà kan náà pẹ̀lú èyí tó ń dà wá láàmú, tí pẹ́ńsù kan náà kọ láàárín ìṣẹ́jú kan náà. Kò sí atọ́nà tó dára jù ú lọ.

Ẹ mú ìwé pélébé kan, kí ẹ ya àwọn 1 tó dájú sí ọwọ́ òsì bí ẹ ṣe rí wọn gan-an, kí ẹ ya àwọn 7 sí ọwọ́ ọ̀tún. Yíyà ni kí ẹ yà á, ẹ má fi ọwọ́ tiyín kọ ọ́. Nígbà tí ọwọ́ bá ń ya á, ojú á rí ohun tí kò rí tẹ́lẹ̀: pé ọmọ yìí kì í fi imú sí 1 rẹ̀ rárá, fún àpẹẹrẹ. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, ohunkóhun tó bá ní ìlà lókè, bó ti wù kó kéré tó, 7 ni. Bí 1 rẹ̀ bá sì ń ní imú nígbà kan, tí kò ní in nígbà mìíràn, atọ́nà yìí kò tó. Ìṣirò fúnra rẹ̀ ni ẹ ó lọ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí tíṣà bá kọ máàkì tàbí àtúnṣe sí ojú ìwé náà pẹ̀lú báírò pupa, ẹ má ṣe da àwọn nọ́ńbà yẹn mọ́ ti ọmọ. Ọwọ́ méjì ni, atọ́nà méjì ni.

Bí a ṣe ń dà á kọ

Ẹ kọ ẹyọ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sí òpó tirẹ̀, ẹyọ lábẹ́ ẹyọ, ẹ̀wá lábẹ́ ẹ̀wá. Ibi tó bá rú yín lójú, ẹ má kọ 1 tàbí 7 síbẹ̀. Ẹ fi àyè sílẹ̀, kí ẹ yí àmì roboto ká a. Tí ẹ bá ti kọ ọ̀kan sílẹ̀, lójú yín á ti di òótọ́, ẹ ò sì ní padà wò ó mọ́.

Lẹ́yìn náà, kí ẹnì kan máa wo fọ́tò, kí ó máa pè é, kí ẹnì kejì máa wo ohun tí ẹ dà kọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí ó pè wọ́n: ẹ̀ta, èje, èjì, ẹ̀rin. Kí ó má pè é ní odindi, torí pé ẹni tó ń pe odindi nọ́ńbà máa ń parí rẹ̀ lọ́kàn kí ojú rẹ̀ tó dé òpin. Ẹni tó ń pè é kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó dà á kọ, nítorí ẹni tó ti ka 7 sí 1 lẹ́ẹ̀kan á tún kà á bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ìṣirò lè sọ, àti ohun tí kò lè sọ

Ìyàtọ̀ láàárín 7 àti 1 jẹ́ 6. Bí a bá fi 1 sí ipò 7 ní ibi ẹyọ, nọ́ńbà náà á dín ní 6. Ní ibi ẹ̀wá, á dín ní 60. Ní ibi ọgọ́rùn-ún, 600.

Nínú pínpín tí a mọ̀ pé kò yẹ kó ní àṣẹ́kù, ẹ kàn gbìyànjú méjèèjì wò. 3,124 tí a pín sí 7 jẹ́ 446, ó sì ṣẹ́ku 2. 3,724 tí a pín sí 7 jẹ́ 532 géérégé. Nọ́ńbà tí a ń wá nínú ìbéèrè 4 ni 7, ìbéèrè náà sì jẹ́ 3,724. Bí atọ́nà yín náà bá ti sọ pé 7 ni, ọ̀rọ̀ ti parí.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo nọ́ńbà tí a fi ń pín ló lè ṣe iṣẹ́ yìí. Ká ní ìbéèrè jẹ́ 3,?76 tí a pín sí 8. 3,176 á jẹ́ 397 géérégé. 3,776 náà á jẹ́ 472 géérégé. Méjèèjì lọ láìṣẹ́kù, torí pé 8 pín 600 láìṣẹ́kù, ó sì wá dà bí ẹni pé ìyàtọ̀ náà kò sí. Ẹni tó bá gbìyànjú ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn, tó rí i pé kò ṣẹ́kù, á gbà pé òun ti kà á dáadáa. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ gbìyànjú méjèèjì nígbà gbogbo.

Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni èyí: 2, 3 àti 6 kò lè rí ìyàtọ̀ láàárín 7 àti 1 níbikíbi, bó jẹ́ ní ẹyọ, ní ẹ̀wá tàbí ní ọgọ́rùn-ún. 4 àti 5 lè rí i ní ibi ẹyọ nìkan. 8 lè rí i ní ẹyọ àti ní ẹ̀wá, kò lè rí i ní ọgọ́rùn-ún. 7 àti 9 ń rí i níbi gbogbo. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ní kí ẹ ro àwọn ẹyọ nọ́ńbà pọ̀, kí ẹ wò ó bóyá 3 pín in, ìyẹn ò wúlò fún ọ̀ràn yìí. Àti 1 àti 7 kò ṣeé pín sí méjì, àti 1 àti 7 ló máa ń ṣẹ́ku 1 bí a bá pín wọn sí 3. Gbogbo èyí sì dúró lórí pé ìbéèrè náà kò retí àṣẹ́kù. Ẹ wo àwọn ìbéèrè yòókù lójú ìwé náà. Bí èyí tó mọ́ kedere nínú wọn bá ní àṣẹ́kù, ẹ má fi ọ̀nà yìí dájọ́.

Nínú àròpọ̀, ẹ nílò ìdáhùn tíṣà tàbí èyí tó wà lẹ́yìn ìwé. Ẹ wo èyí: 4,710 + 2,175 + 1,347. Ìdáhùn ìwé jẹ́ 8,232. Ọmọ tó ka 4,710 sí 4,110 á ní 7,632, àròpọ̀ rẹ̀ á sì tọ́. Ẹ yọ tirẹ̀ kúrò nínú ti ìwé: 600. Bí ìyàtọ̀ bá jẹ́ 6, 60, 600 tàbí 6,000, ẹ dáwọ́ àtúnṣe àròpọ̀ dúró, kí ẹ padà sí fọ́tò, nítorí kíkà ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Iye òdo tó wà lẹ́yìn 6 ló ń sọ òpó tí ẹ máa wò. Níhìn-ín, òpó ọgọ́rùn-ún ni. Bí ìdáhùn ọmọ bá kéré, 7 ló kà sí 1. Bí ó bá pọ̀, 1 ló kà sí 7. Nínú àyọkúrò, ó lè yí padà: bí ó bá ṣì ka nọ́ńbà tí a ń yọ kúrò, 5,000 − 2,710 tó yẹ kó jẹ́ 2,290 á di 2,890, torí pé 2,110 ló yọ.

Òpó ni ìṣirò lè sọ, kò lè sọ ìlà. Nínú ohun tí ọmọ yẹn dà kọ, 1 méjì ló wà ní òpó ọgọ́rùn-ún: ti 4,110 àti ti 2,175. Bí a bá sọ èkíní di 7, àpapọ̀ á tọ́. Bí a bá sọ èkejì di 7 dípò rẹ̀, àpapọ̀ náà á tọ́. Fọ́tò àti atọ́nà ló máa sọ èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú méjèèjì. Bí ọmọ bá sì ṣì ka 7 kan sí 1, tó tún ka 1 kan sí 7 nínú òpó kan náà, méjèèjì á pa ara wọn, ìdáhùn á tọ́, ìbéèrè tó dà kọ á sì jẹ́ èké. Èyí ṣọ̀wọ́n, a kàn fi í lélẹ̀ ni.

Bí ìyàtọ̀ bá jẹ́ 54 tàbí 540, ẹ wá ibi tí 17 ti di 71 tàbí tí 71 ti di 17. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 54, bóyá ojú ló ṣì í kà tàbí ọwọ́ ló gbé wọn fún ara wọn.

Nínú ìsọdipúpọ̀, ìyàtọ̀ náà máa ń pọ̀ sí i. 47 × 36 jẹ́ 1,692. Ẹni tó kọ 41 × 36 á ní 1,476. Ìyàtọ̀ jẹ́ 216, tí kò jọ 6 rárá. Ẹ pín in sí nọ́ńbà kejì, 36, ẹ ó sì rí 6.

Bí ó bá ṣì rú yín lójú

Ó lè jẹ́ pé ohun tó wà nínú ìwé ọmọ mọ́ kedere, kó jẹ́ pé òun ló ti ṣì í kà lójú bọ́ọ̀dù. Fọ́tò tó mọ́ kò lè tún ìyẹn ṣe. Ẹ béèrè fọ́tò ìwé ọmọ mìíràn ní kíláàsì kan náà, kó jẹ́ ọmọ tí kò jókòó ti tiyín, nítorí àwọn tó jókòó papọ̀ máa ń wo ìwé ara wọn dà kọ.

Tí ẹ bá fẹ́ bi ọmọ fúnra rẹ̀, ẹ má sọ pé, “Ṣé 7 nìyí?” Á ní, “Ẹ̀n.” Bí ẹ bá bi í bóyá 1 ni, á tún ní, “Ẹ̀n.” Ẹ sọ pé, “Ka nọ́ńbà inú ìbéèrè 4 fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan,” kí ẹ sì dákẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fún un ní ìwé òfìfo, kí ó kọ 1 àti 7 síbẹ̀. Ìyẹn náà lè di atọ́nà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ máa ń kọ̀wé dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ nígbà tí àgbàlagbà bá dúró tì í.

Bí ẹ bá ń kọ̀wé sí tíṣà, ẹ sọ ibi tí ó wà gan-an, kí ẹ sì kọ odindi nọ́ńbà méjèèjì, kí wọ́n lè yan ọ̀kan láìtún wá ìwé: “Ẹ káalẹ́ mà. Ẹ jọ̀wọ́, nínú ìbéèrè 4 tòní, ṣé ₦3,124 ni àbí ₦3,724? Nọ́ńbà kejì ni kò hàn dáadáa. Ẹ ṣeun mà.” Tí ẹ bá kàn bi wọ́n pé “ṣé 1 ni ìbéèrè 4?”, wọ́n lè rò pé ìdáhùn ni ẹ ń bèèrè.

Bí ilẹ̀ bá ti ṣú tí tíṣà kò sì fèsì, ẹ jẹ́ kí ọmọ ṣe méjèèjì sínú ìwé rẹ̀. Kí ó kọ 3,724 ÷ 7 = 532 gẹ́gẹ́ bí èyí tí ẹ yàn, kí ó sì kọ 3,124 ÷ 7 = 446, àṣẹ́kù 2, sí abẹ́ rẹ̀, kí ó fi ọ̀rọ̀ kan sí etí ìwé pé nọ́ńbà kejì nínú ìbéèrè kò hàn sí òun.